Ọmọ ewúrẹ́ àti ọmọ àgùntàn tí kò ní ìyá: Wàrà wo ni kí ẹ fún un, báwo ló ṣe gbọdọ̀ gbóná tó, báwo sì ni ẹ ṣe máa fọ ìgò rẹ̀?

Ní Ńdokótì, ìkóríta ńlá tó wà ní ìlú Dúálà lórílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, ọjà, ọkọ̀ àti alùpùpù ni àlejò máa kọ́kọ́ rí. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí ní Ìbàdàn, Kùtọnu àti Lómé, àwọn ìdílé wà nínú irú ìlú ńlá bẹ́ẹ̀ tó ń sin ewúrẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìnkùlé. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lẹ́bàá òkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa, tí ó máa ń bí ìbejì lọ́pọ̀ ìgbà, tí ó sì máa ń bí ìbẹta nígbà mìíràn.

Ibẹ̀ ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmú méjì péré ni ewúrẹ́ ní. Bí ó bá bí mẹ́ta, ẹni tí kò lágbára nínú wọn kì í rí ọmú mu tó. Nígbà mìíràn, ìyá lè kú síbi ìbímọ, ọmú rẹ̀ lè wú kó sì gbẹ, tàbí kí ó kọ ọmọ náà sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yè ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ ọ.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi ìgò tọ́ ni kì í kú nítorí pé wọn kò rí wàrà. Wàrà tó tutù, wàrà tó pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àti ìgò tó ní ìdọ̀tí ló máa ń pa wọ́n. Ohun mẹ́ta yìí ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí.

Wákàtí mẹ́fà àkọ́kọ́

Ọmọ ènìyàn máa ń gba èròjà tó ń bá àrùn jà lára ìyá rẹ̀ kí ó tó wáyé. Ti ewúrẹ́ àti àgùntàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ òfo ni ọmọ wọn fi ń wá sáyé, inú omi ọmú àkọ́kọ́, èyí tó ki tó sì máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ni gbogbo ààbò rẹ̀ wà. Ìfun ọmọ náà máa ń gba àwọn èròjà yìí wọlé dáadáa láàárín wákàtí mẹ́fà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í tì díẹ̀díẹ̀, tí yóò sì ti tì pátápátá bí ọjọ́ kan bá fi máa kọjá.

Nítorí náà, bí ìyá bá kú ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ ṣì gbóná, tí kò sì jẹ́ pé àìsàn tó lè ran ọmọ ló pa á, ẹ fún omi ọmú rẹ̀ jáde lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ wá ewúrẹ́ mìíràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní àdúgbò, kí ẹ sì tọrọ díẹ̀ lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Ti màlúù náà ṣeé lò bí kò bá sí òmíràn. Ìwọ̀n tí ọmọ náà nílò ni mílílítà 50 fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n, nígbà mẹ́rin láàárín wákàtí 24.

Àwọn tó ń sin ẹran púpọ̀ máa ń tọ́jú omi ọmú àkọ́kọ́ sínú fíríìsà nínú ike kéékèèké. Bí ẹ bá fẹ́ yọ́ ọ, inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ ti ike náà bọ̀. Ẹ má gbé e lórí iná, ẹ má sì gbé e sínú ẹ̀rọ amóúnjẹgbóná, nítorí pé ooru tó pọ̀ máa ń ba èròjà tí ẹ ń wá nínú rẹ̀ jẹ́.

Bí ọjọ́ kan bá ti kọjá kí ẹ tó rí ọmọ náà, ẹ ṣì lè tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé kò ní ààbò kankan lára. Ìmọ́tótó ìgò rẹ̀ ni yóò dúró gẹ́gẹ́ bí ààbò fún un.

Bí ara rẹ̀ bá tutù, ẹ má tíì fún un ní wàrà

Dúálà kì í ṣe ìlú olótùútù, ṣùgbọ́n òjò rẹ̀ pọ̀ gan-an, pàápàá ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ. Ọmọ tí wọ́n bí sínú òjò tí kò sì gbẹ lè tutù pa.

Ẹ ti ìka yín tó mọ́ bọ ẹnu rẹ̀. Bí ẹnu náà bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ó sì ń mu ìka yín, ó ti ṣe tán láti mu wàrà. Bí ẹnu bá tutù, tí kò lè gbé orí rẹ̀ dúró, ẹ kọ́kọ́ nù ún gbẹ, kí ẹ sì gbé ìgò omi gbígbóná tí ẹ fi aṣọ wé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú páálí. Ìgbóná ara ọmọ tuntun tó dá pé máa ń wà láàárín dígírì Sẹ́síọ́sì 39 sí 40. Bí ó bá lọ sílẹ̀ ju 37 lọ, ọ̀ràn ti di ti dókítà ẹran. Ọmọ tí ara rẹ̀ tutù kò lè gbé nǹkan mì dáadáa. Wàrà tí ẹ bá fi tipátipá dà sí i lẹ́nu lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, ìyẹn sì lè pa á láàárín ọjọ́ méjì.

Wàrà wo ni kí ẹ lò?

Èyí tó dára jù ni wàrà ewúrẹ́ tàbí ti àgùntàn fúnra rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ìyẹ̀fun wàrà àfirọ́pò tí wọ́n ṣe fún ọmọ ẹran kéékèèké. Ọ̀rá inú rẹ̀ máa ń tó ìdá mẹ́rin ìwọ̀n rẹ̀ tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọmọ màlúù kì í ní ọ̀rá tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni wàrà àgùntàn ní ọ̀rá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti màlúù. Ìdí nìyí tí ọmọ àgùntàn tí wọ́n fi wàrà ọmọ màlúù tọ́ fi máa ń rù.

Ní ibi tí wọn kò ti rí irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ rà, wàrà màlúù tútù tí wọ́n ti sè tí ó sì ti tutù díẹ̀, tàbí ìyẹ̀fun wàrà tí ènìyàn ń mu, ṣeé lò. Ṣùgbọ́n ẹ ka ẹ̀yìn ọ̀rá tàbí agolo rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Èyí tí wọn kò yọ ọ̀rá inú rẹ̀ ni kí ẹ mú, ẹ má sì mú èyí tí wọ́n ti fi ṣúgà sí.

Ẹ má fi ṣúgà tàbí ògì kún un nítorí pé ẹ fẹ́ kí ọmọ náà yó. Ọmọ tuntun ewúrẹ́ àti àgùntàn kò ní èròjà tí ó lè fi da ṣúgà inú ilé wa, ògì tàbí gàrí nínú ikùn rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ yóò lọ kan nínú ìfun, ìgbẹ́ gbuuru ni yóò sì yọrí sí.

Kí ló dé tí ìgbóná wàrà fi ṣe pàtàkì?

Ikùn ewúrẹ́ pín sí ọ̀nà mẹ́rin. Èyí tó tóbi jù ni ṣàkì, níbi tí koríko ti ń wú kí ó tó dà. Nínú ọmọ tuntun, ṣàkì kò tíì ṣiṣẹ́. Ikùn kẹrin, èyí tó jọ ikùn ènìyàn, ni wàrà gbọ́dọ̀ lọ tààrà.

Ohun tó ń darí wàrà síbẹ̀ ni ẹran ara kan tó máa ń ká bíi ewé tí a fi mu omi, tí ó sì di ọ̀nà tóóró láti ọ̀fun dé ikùn kẹrin. Mímu ọmú ló máa ń mú kí ó ká. Bí wàrà bá lọ́wọ́ọ́wọ́ bíi ti ọmú ìyá, tí ọmọ sì ń fà á fúnra rẹ̀, ọ̀nà náà á ká dáadáa. Bí wàrà bá tutù, tàbí tí ẹ bá dà á sí i lẹ́nu, ọ̀nà náà lè má ká tán. Wàrà á wá ṣubú sínú ṣàkì, yóò kan níbẹ̀, inú ọmọ á wú, yóò sì máa yàgbẹ́ funfun tó ń rùn.

Nítorí náà, dígírì 38 sí 40 ni kí wàrà wà nígbà tí ó bá dé ẹnu ọmọ. Ohun kan tún ṣe pàtàkì bákan náà: kí ó rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ọmọ tó mu wàrà gbígbóná láàárọ̀ tí ó sì mu tútù lálẹ́ ni inú rẹ̀ máa ń tètè dàrú.

Bí ẹ ṣe máa pò ó

Omi tí ẹ ti sè ni kí ẹ lò, ì báà jẹ́ omi ẹ̀rọ tàbí ti kànga. Ẹ má fi omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó po ìyẹ̀fun, nítorí pé ooru rẹ̀ máa ń ba èròjà ara wàrà jẹ́, ó sì máa ń mú kí ó dì. Omi tútù náà kò dára, nítorí pé ọ̀rá inú ìyẹ̀fun kò ní yọ́ nínú rẹ̀, yóò kàn léfòó ni. Dígírì 45 ni ó dára jù fún pípò, àyàfi bí ẹ̀yìn ọ̀rá bá sọ òmíràn.

Ẹni tí kò ní tẹmómítà lè ṣe é báyìí. Ẹ sè omi sílẹ̀ lálẹ́ kí ó tutù títí di àárọ̀. Ní ìlú bíi Dúálà, omi bẹ́ẹ̀ máa wà ní nǹkan bíi dígírì 27. Ẹ wá fi ife kan omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó kún ife mẹ́ta omi tútù náà. Àpapọ̀ wọn yóò wà ní nǹkan bíi dígírì 45. Kí ẹ tó pò ó tán, kí ẹ sì rọ ọ́ sínú ìgò, yóò ti sún mọ́ 40.

Tẹmómítà tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn fún ibà ọmọdé náà ṣeé fi yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé ó lè ka ìgbóná dé dígírì 42. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ bá ń tì bọ ìdí ẹran kò gbọdọ̀ kan wàrà. Ọ̀nà àtijọ́ tún wà: ẹ kán wàrà sí inú ọrùn ọwọ́. Bí ó bá lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ tí kò sì ta yín, ó ti tó.

Ní ti bí ó ṣe máa ki tó, ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rá ìyẹ̀fun àfirọ́pò ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí ó bá jẹ́ ìyẹ̀fun wàrà màlúù ni ẹ ń lò, gíráàmù 150 nínú omi tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ lítà kan dára fún ọmọ ewúrẹ́. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n dípò kí ẹ máa fi ṣíbí bù ú, nítorí pé ṣíbí tí ẹ bù ní ọ̀kúnwọ́ sílẹ̀ àti èyí tí ẹ bù ní pẹrẹsẹ kò dọ́gba.

Bí ẹ ṣe máa di ìgò mú

Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ má gbé e dùbúlẹ̀ sórí itan bíi ọmọ ènìyàn. Ẹ di ìgò náà mú sí ibi tí ọmú ìyá rẹ̀ ìbá wà, kí ọrùn rẹ̀ nà díẹ̀ sókè, ṣùgbọ́n kí orí rẹ̀ má yí sẹ́yìn.

Ihò ọmú rọ́bà kò gbọdọ̀ fẹ̀. Bí ẹ bá dojú ìgò kọ ilẹ̀, kí wàrà máa kán díẹ̀díẹ̀ ni, kí ó má máa ṣàn. Bí ọmọ bá ń wúkọ́, tàbí tí wàrà ń jáde ní imú rẹ̀, ẹ mú ìgò kúrò lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ó ń yára ju bí ó ṣe lè gbé e mì lọ.

Fífọ ìgò: omi tútù ló ṣáájú

Wàrà jẹ́ oúnjẹ fún kòkòrò àrùn bí ó ti jẹ́ oúnjẹ fún ọmọ. Nínú ooru Dúálà, wàrà tó bá kù sínú ìgò kì í pẹ́ bàjẹ́. Lẹ́yìn tí ọmọ bá mu tán, ẹ da èyí tó kù nù. Ẹ má tún un gbé gbóná.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omi gbígbóná, èyí kò sì tọ̀nà. Omi gbígbóná máa ń mú kí èròjà ara wàrà dì mọ́ ike, bí ẹyin ṣe ń dì mọ́ ìkòkò. Ẹ kọ́kọ́ fi omi tútù tàbí èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣan ìgò náà lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi omi gbígbóná, ọṣẹ àti búrọ́ṣì fọ inú rẹ̀. Ẹ yọ ọmú rọ́bà kúrò, ẹ yí inú rẹ̀ síta, kí ẹ sì fọ ibi tí ó ti dì mọ́ ìdérí, nítorí pé ibẹ̀ ni wàrà máa ń fara pamọ́ sí jù.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣan ọṣẹ kúrò, ó ku pípa kòkòrò. Ẹ lè se ìgò àti ọmú rọ́bà nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú márùn-ún bí ike náà bá lè gbà á. Bí kò bá lè gbà á, ẹ fi ṣíbí tíì kan omi jáfẹ́ẹ̀lì, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní jíìkì, sínú lítà omi kan. Èyí tí kò ní òórùn dídùn tàbí àwọ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ ri gbogbo rẹ̀ sínú omi náà fún ìṣẹ́jú méjì ó kéré tán, kí ẹ sì dojú ìgò kọlẹ̀ níbi tó mọ́ títí tí yóò fi gbẹ. Ẹ má fi aṣọ ìnuwọ́ nù ún, torí aṣọ náà lè dá kòkòrò padà sínú rẹ̀.

Ìgò ọmọ ẹran kò gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́ ti ọmọ ènìyàn nínú ilé. Ẹ fọ ọwọ́ yín ṣáájú àti lẹ́yìn, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọdé náà ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kòkòrò kan tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún ọmọ ewúrẹ́ lè ran ènìyàn.

Àpẹẹrẹ: ọmọ ewúrẹ́ kan tó wọ̀n kílò kan àti ààbọ̀

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ewúrẹ́ kan ní Ńdokótì bí mẹ́ta lóru, tí ó sì kọ èyí tó kéré jù, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílò kan àti ààbọ̀.

Ní ọjọ́ kìíní, mílílítà 75 omi ọmú àkọ́kọ́ ni yóò mu nígbà mẹ́rin, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 300. Ẹ lè fún un lára ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ mú ìyá náà dúró tí kò bá fẹ́.

Láti ọjọ́ kejì dé ọjọ́ keje, ìwọ̀n wàrà tí yóò máa mu lójúmọ́ jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀, ìyẹn mílílítà 300 náà. Ẹ wọn gíráàmù 45 ìyẹ̀fun láàárọ̀, kí ẹ pín in sí mẹ́rin ọgbọọgba sínú ike tó gbẹ tó sì ní ìdérí. Ní agogo mẹ́fà àárọ̀, agogo mọ́kànlá, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ àti agogo mẹ́wàá alẹ́, ẹ po ìdá kan títí tí yóò fi di mílílítà 75. Irú wàrà kékeré bẹ́ẹ̀ máa ń yára tutù, nítorí náà ẹ ti ìgò bọ inú abọ́ omi gbígbóná títí tí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ wọn ọmọ náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí ó bá pé kílò méjì, mílílítà 100 nígbà mẹ́rin ni. Bí ó bá pé kílò mẹ́ta, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin, mílílítà 170 nígbà mẹ́ta ti tó. Bí ó bá ń ké fún sí i lẹ́yìn tó mu tán, ẹ má dá a lóhùn. Ọmọ tí wọ́n fi ìgò tọ́ kì í mọ̀ pé òun ti yó, ẹni tó sì ń fún un ni yóò mọ̀ ọ́n fún un. Ẹ fọwọ́ kan ikùn rẹ̀: kí ó kún, kí ó má le bíi ìlù.

Àmì pé nǹkan ti ń dàrú

Bí ikùn bá wú tí ó sì le láàárín wákàtí kan sí méjì lẹ́yìn oúnjẹ, tí ọmọ náà ń lọ́ra tàbí tí ó ń lọ eyín, ẹ má ṣe fún un ní wàrà mọ́, kí ẹ sì pe dókítà ẹran láìjáfara. Èyí máa ń yára pa ọmọ.

Bí ó bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ewu tó wà níbẹ̀ ni pé omi ń tán lára rẹ̀. Ẹ fa awọ ọrùn rẹ̀ sókè díẹ̀ kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí kò bá padà sí ipò rẹ̀ kíákíá, tàbí tí ojú rẹ̀ ti jìn, omi ti dín kù lára rẹ̀ gan-an. Ẹ po omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá ní ilé oògùn, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì fún un lọ́wọ́ọ́wọ́ láàárín àkókò wàrà méjì. Ṣúgà inú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ilé wa, ìfun ọmọ náà sì lè gbà á. Ẹ má pò ó mọ́ wàrà, nítorí pé kò ní jẹ́ kí wàrà dì nínú ikùn bí ó ṣe yẹ. Ẹ má sì gba wàrà lẹ́nu rẹ̀ ju oúnjẹ kan sí méjì lọ, nítorí pé ebi yóò tún kún ìṣòro rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí kò lè dìde mọ́, kò sí ohun tí ìgò lè ṣe sí i, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Bí ó bá ń mí kíákíá, tí ó ń wúkọ́, tí ara rẹ̀ sì gbóná kọjá dígírì 40 ní ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn tó há wàrà, ó ṣeé ṣe kí wàrà ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n ń gba ìgò lẹ́nu rẹ̀

Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni kí omi tó mọ́ ti wà níwájú rẹ̀, pẹ̀lú ewé tútù díẹ̀, bíi ewé agúnmaníyè, tí ẹ so kọ́ sókè kí ó má baà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ewé yìí ni yóò jí ṣàkì rẹ̀ dìde. Ọmọ tí wàrà nìkan ń wọ inú rẹ̀ fún oṣù méjì kò ní ṣàkì tí yóò fi jẹ koríko lọ́jọ́ tí ìgò bá tán.

Ọ̀pọ̀ ọmọ àgùntàn lè fi ìgò sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọmọ ewúrẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọjọ́ orí nìkan wọ̀n ọ́n. Kí ìwọ̀n ara rẹ̀ ti tó ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ ti ọjọ́ tí wọ́n bí i, kí ó sì máa jẹ ewé dáadáa, kí ó máa jẹ àpọ́jẹ. Ẹ yọ oúnjẹ ọ̀sán kúrò ní ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ yọ ti àárọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí ti alẹ́ wá jẹ́ ìkẹyìn. Bí ó bá rù láàárín àkókò yìí, ẹ dá ìgò kan padà fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ tó tún gbìyànjú.